Àkáǹtì ọmọ ọdún 15 tí ẹ̀rọ kà sí ọmọ ọdún 5: àgbéyẹ̀wò ètò ìfìdí-ọjọ́-orí-múlẹ̀ ilé-iṣẹ́ ímeèlì kan

Ètò tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni èyí tí ilé-iṣẹ́ ímeèlì ńlá kan fi ń mọ̀ bóyá ẹni tó ni àkáǹtì ti dàgbà tó láti lò ó, tí wọ́n sì fi ń dá àkáǹtì padà fún ẹni tí wọ́n bá ṣèèṣì ti ìlẹ̀kùn mọ́. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Ṣàgámù ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀ sí, èmi tí mo wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n sì ké sí láti bá wọn tú u. Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún wọn. Wọ́n dá gbogbo ẹrù ọmọ náà padà láìdín kan, mo sì yìn wọ́n fún ìyẹn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí àkáǹtì náà tì rárá.

Ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009 ni wọ́n bí ọmọ yìí. Ní ìparí ọdún 2022, nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 13, ó ṣí àkáǹtì náà fúnra rẹ̀, ó sì kọ 04/09/2009 sínú fọ́ọ̀mù. Báyìí ni gbogbo wa ń kọ ọ́ ní ilé ìwé, kí ọjọ́ ṣáájú oṣù, ṣùgbọ́n ìlànà àwọn ará Amẹ́ríkà ni fọ́ọ̀mù ọ̀hún ń tẹ̀ lé, oṣù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ. Bí ẹ̀rọ ṣe gbà á sí ọjọ́ 9 oṣù kẹrin nìyẹn. Àṣìṣe yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára, àyàfi pé ìkíni ọjọ́ ìbí a máa dé bá a nínú oṣù kẹrin, tí àwọn àbúrò rẹ̀ a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà tó fẹ́ tún un ṣe, lẹ́yìn Ojúde Ọba ọdún 2025, ni wàhálà dé. Ó tún oṣù ṣe, ó tún ọjọ́ ṣe, àmọ́ ìka rẹ̀ tẹ 1 níbi tó yẹ kí 0 wà nínú ọdún, 2009 sì di 2019. Ó tẹ bọ́tìnnì ìfipamọ́, ẹ̀rọ náà sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Bí a bá gba 2019 gbọ́, a jẹ́ pé ọmọ ọdún 3 ni nígbà tó ṣí àkáǹtì, tó ń kọ lẹ́tà sí olùkọ́ rẹ̀, tó sì ń to iṣẹ́ àṣetiléwá sí fódà. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí àkáǹtì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, kò sí ìṣirò tó rọrùn ju pé kí ẹ̀rọ fi ọdún ìbí wé ọdún tí wọ́n ṣí àkáǹtì, kí ó sì béèrè pé, “Ṣé ó dá ọ lójú?” Kò béèrè. Ní Ìjẹ̀bú tí a ti ń fi ọjọ́ orí to ènìyàn sí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, kò sí bí ọmọ ọdún 5 ṣe máa jókòó sáàárín àwọn ọmọ ọdún 15 tí ẹnì kan kò ní ya ẹnu.

Ìdí tí wọ́n fi ń yára ti ìlẹ̀kùn kò ṣòro láti mọ̀. Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1998 tó dáàbò bo ìròyìn àwọn ọmọdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ilé-iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gba ìròyìn ọmọ tí kò tíì pé 13 láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ fọwọ́ sí i. Níwọ̀n bí ilé-iṣẹ́ náà ti mọ ọjọ́ orí, ó ti di ẹrù òfin lọ́rùn rẹ̀, nítorí náà ó yá wọn lára láti gba ọjọ́ ìbí tó sọ ènìyàn di ọmọdé láìbéèrè ẹ̀rí, ṣùgbọ́n èyí tó bá sọ ọ́ di àgbà, ẹ̀rí ni wọ́n máa béèrè. Ìdí nìyẹn tí ọmọ náà kò fi lè kàn padà lọ tẹ 2009.

Wọ́n fún un ní ọjọ́ 14 láti ṣàtúnṣe, wọ́n sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí kò kà. Lẹ́yìn náà ni àkáǹtì tì, tí ọjọ́ 30 mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà kí wọ́n tó pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́. Nígbà tó pè mí, ohun tó sọ ni pé, “Àńtí mi, ẹ jọ̀wọ́, wọ́n ní mi ò tíì dàgbà tó, àwọn fọ́tò Ojúde Ọba wa wà níbẹ̀ o.” Ìyá rẹ̀ rò pé àwọn olè ti wọlé. Ọ̀nà kan wà láti dá a mọ̀: bí ẹ̀rọ bá gba pásíwọọ̀dù yín, tí ó wá jẹ́ pé lẹ́yìn ìyẹn ló ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, kì í ṣe olè, pásíwọọ̀dù kò sì ní ohunkóhun ṣe níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní káfẹ́ ti ń gba owó lọ́wọ́ wọn láti yí pásíwọọ̀dù padà kí n tó dá wọn dúró. Mo sì ní kí ó má ṣe ṣí àkáǹtì tuntun kí ó pa ti àtijọ́ tì, torí pé ọjọ́ 30 náà kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà méjì ni ojú-ewé wọn fún wa láti fi ẹ̀rí hàn: káàdì ìrajà àwìn, tàbí àwòrán káàdì ìdánimọ̀ tí ìjọba fúnni. Ìyá rẹ̀ fi káàdì ATM rẹ̀ gbìyànjú, ẹ̀rọ kò gbà á. Inú mi tiẹ̀ dùn pé kò gbà á, nítorí káàdì àgbàlagbà yóò sọ fún wọn pé àgbàlagbà ló ni àkáǹtì, gbogbo ààbò tí wọ́n ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé 18 yóò sì ká kúrò. Ti ìdánimọ̀ ló kù. Ọmọ ọdún 15 kò lè ní káàdì ìdìbò, kò lè ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, kò sì tíì ní ìwé ìrìnnà. Ìwé NIN nìkan ló ní.

Wọ́n kọ àwòrán àkọ́kọ́, wọn kò sì sọ ìdí. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, mo rí i pé wọ́n ti fi ọ̀rá di ìwé náà, iná fóònù sì ti tàn bí àwo funfun sórí ọdún ìbí gan-an. A tẹ́ ẹ sórí tábìlì dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, a pa iná fóònù, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wọ inú àwòrán. A fi bébà bo nọ́ńbà NIN, torí pé orúkọ àti ọjọ́ ìbí ni wọ́n nílò. Kò sí ìdí tí nọ́ńbà náà yóò fi wà lọ́wọ́ wọn. A ṣọ́ra kí bébà má kan orúkọ. Oṣù tí wọ́n fi lẹ́tà kọ sórí rẹ̀ wúlò fún wa, nítorí kò sẹ́ni tó lè ka SEP sí ọjọ́.

Wọ́n gba èyí, àkáǹtì ṣí, lẹ́tà àti fọ́tò sì pé. Mo ní kí ó wo ojú-ewé ìròyìn ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009 lè dá wa lójú, kí ó sì pààrọ̀ nọ́ńbà ìgbàpadà tó ti wà lórí síìmù tí wọn kò lò mọ́ sí ti ìyá rẹ̀. Ìràwọ̀ kan tí mo yọ jẹ́ ti ìbéèrè tí ẹ̀rọ kò bi í, èkejì jẹ́ ti ìkọ̀sílẹ̀ tí wọn kò ṣàlàyé. Àwọn fídíò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni ọdún 18 kò ṣí fún un títí di báyìí, ó ti fẹjọ́ sùn mí nípa ìyẹn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èmi kò ní bá a kọ lẹ́tà sí wọn lórí èyí.