Àpótí tó dọ́gba ni, àbí kí a gé e mọ́ ara?

Àwọn tí a jọ ń ya géèmù l'Óṣogbo ṣì ń bi mí: ṣé kí gbogbo férémù, àwọn àwòrán tó ń tẹ̀ lé ara wọn di ìrìn ẹ̀dá, wà nínú àpótí tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, àbí kí a gé òfìfo kúrò, kí férémù kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdúró tirẹ̀, ojú ibi tí géèmù fi ń gbé e kalẹ̀?

Ẹ wo Arugbá tí mo yà, tó ń rìn ní férémù 8. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá papọ̀, ó fẹ̀ tó píksẹ́lì 15. Bó bá na ẹsẹ̀ síwájú, ó di 22. Mo gé e, mo fi àmì sí àárín, ni igbá orí rẹ̀ bá ń mì: ẹsẹ̀ tó nà ti fa àárín kúrò lábẹ́ orí. Ìyẹn dùn mí gan-an.

Nínú àpótí 32 × 48, àmì dúró sí 16 láti òsì, nílẹ̀, lábẹ́ ìbàdí. Igbá dákẹ́. Òfìfo ló ń gba ààyè, bí aṣọ bá sì yọ síta, gbogbo férémù lẹ máa fẹ̀.

Gígé ń dín ààyè kù, àmọ́ bí ẹ bá gbàgbé àmì kan, férémù yẹn á fò.

Ẹ̀dá díẹ̀ tí ẹ ń tún yà lójoojúmọ́: àpótí tó dọ́gba. Ẹ̀dá púpọ̀ lórí fóònù kékeré: ẹ yà á nínú àpótí, kí sọ́fítíwíà gé e, kó sì kọ àmì sílẹ̀ fúnra rẹ̀.