Tíì amúnifọ́n, oògùn ìfọnú, kápúsù orí íńtánẹ́ẹ̀tì: kí lẹ ń fowó rà gan-an?

Kẹ́ ẹ tó sanwó fún èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ń tà fún ẹni tó fẹ́ dín sísanra kù, ẹ yí páálí rẹ̀ sẹ́yìn. Iwájú páálí, ìpolówó ni; ẹ̀yìn lọ̀rọ̀ wà.

Tíì ló máa ń dà bíi pé ó tètè ṣiṣẹ́ jù. Sẹ́nà ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ewé tí wọ́n ń lò fún ẹni tí ìgbẹ́ bá há mọ́. Wákàtí 6 sí 12 lẹ́yìn téèyàn bá mu ún ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sílé ìyàgbẹ́. Ìfun ńlá ni sẹ́nà ti ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ìfun kékeré ni ara ti ń fa agbára inú oúnjẹ. Kí tíì tó dé ibẹ̀, ara ti mú tiẹ̀ tán.

Èmi náà mu ún rí. Mo mu ife kan lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Àbámẹ́ta, mo ti yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, òṣùwọ̀n sì ní mo ti fi kílò kan dín. Ayọ̀ mi kún! Lítà omi kan, kílò kan ló wọ̀n. Òǹgbẹ tó ń gbẹ mí ì bá ti sọ fún mi pé omi ni mo pàdánù. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, kílò náà ti padà. Kílò ọ̀rá kan ní tó kálórì 7,700 nínú. Ẹni tó ń fi kálórì 500 dín oúnjẹ rẹ̀ kù lójúmọ́ yóò lò tó ọjọ́ 15 kó tó jó o tán. Ẹni tó bá sì sọ tíì yìí di àmuùdábọ̀, pòtásíọ̀mù ara rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi tí ọkàn kò ní lù déédéé mọ́.

Oògùn ìfọnú ò gba àlàyé púpọ̀. Sẹ́nà yẹn náà ni lọ́pọ̀ ìgbà, tàbí èédú, tàbí ohun tó ń mú ni tọ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé májèlé wo ló ń fọ̀. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Èédú tiẹ̀ lè gbá oògùn gidi tẹ́ ẹ̀ ń lò mú, kí ó má jẹ́ kó wọ ara.

Kápúsù orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló bà mí lẹ́rù jù, torí òmíràn ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Síbútíràmínì, oògùn tí wọ́n máa ń fi pa mọ́ sínú irú wọn, ń pa ebi, ṣùgbọ́n wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù lọ́dún 2010 nítorí ìkọlù ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀. Láti ìgbà náà, léraléra ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ń bá a nínú kápúsù tí wọ́n kọ "ewé lásán" sí lára. Ẹ ò lè rí orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ike, ara yín ni yóò sọ. Bí ebi bá pòórá lójijì, tí ẹnu ń gbẹ, tí oorun ò wá, tí àyà sì ń lù kìkì, ẹ má lo òmíràn mọ́. Ẹ gbé ike náà dání lọ bá dókítà.