Àmàlà aago mẹ́wàá alẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan n'Ìbàdàn

Mo kàn gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún "tíìn". Kí n tó yíjú, ọkùnrin kan ti wọ yàrá, tiréè lọ́wọ́. Ìró nìkan ni mo so mọ́ àyà, omi ṣì ń ro lórí mi. Ó kanlẹ̀kùn o, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bó sì ṣe ń kàn án náà ló ń fi káàdì tó ń ṣí gbogbo yàrá ṣí i. "Ẹ má bínú, Mà, mo rò pé ẹ ti sùn ni." Ta ló ń gbé oúnjẹ wá fún ẹni tó ti sùn?

Èmi náà ti jókòó sídìí fóònù hòtẹ́ẹ̀lì rí. Ọdún méjì ni mo fi gba ọ́dà oúnjẹ yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì kan l'Ékòó nígbà ọmọge mi, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè panu mọ́.

Aago 8:40 alẹ́ ni mo pè. Àmàlà méjì, ewédú, gbẹ̀gìrì, ẹran ewúrẹ́, omi tí kò tutù. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù kí mi dáadáa, ó ní yóò gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó bá gbé e sílẹ̀. Kò ka ọ́dà padà sí mi létí. Ibẹ̀ ni ara ti kọ́kọ́ fu mí. Ìṣẹ́jú kan kì í tán kéèyàn tó kà á tán, bí àṣìṣe bá sì wà, ibẹ̀ ló ti máa hàn kí wọ́n tó dáná. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní tirẹ̀ kò burú rárá: ọbẹ̀ ti wà nílẹ̀, àmàlà nìkan ló kù tí wọn yóò rò.

Nígbà tó di 9:15, mo pè. "Ó ti ń bọ̀, Mà." Ní 9:35 mo tún pè. "Ó ti wọ ẹ̀rọ agbénigókè, Mà." Àjà kejì ni mo wà! Àfi bí ẹ̀rọ náà bá gba Ọ̀yọ́ kọjá. Aago 9:52 ni arákùnrin oníkáàdì wọlé, ó sì gbé tiréè ka orí ibùsùn.

Wọn ò fi ọ̀rá wé àmàlà náà, orí àwo lásán ló wà, awọ ti bò ó. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Ewédú ò yọ̀ mọ́, omi ti ya lára rẹ̀. Kò sí gbẹ̀gìrì. Wọ́n fi tíṣù wé fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ dáadáa, ó rẹwà, ṣùgbọ́n kò sí abọ́ tí n ó fi ṣanwọ́. Fọ́ọ̀kì fún àmàlà! Etí tiréè ni wọ́n gbé ìgò omi sí, ó tẹ̀ sápá kan, epo ọbẹ̀ sì ti ṣàn sára aṣọ tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀. Ohun tó bá wúwo, apá ibi tí àyà ẹni tó ń gbé e wà ni à ń gbé e sí.

Mo pe ọ̀gá wọn. Mo ti múra ìjà, àmọ́ ọkùnrin náà ò bá mi jiyàn. Ó ní kí wọ́n mú ìwé ọ́dà wá. Wọn ò kọ gbẹ̀gìrì síbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: 9:05 ni wọ́n kọ pé ilé ìdáná parí. Oúnjẹ mi wà lórí káńtà fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta, ó ń dúró de ẹni tí yóò gbé e, nítorí wétà kan ṣoṣo ló ń gbé oúnjẹ fún gbogbo ilé lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti fura tẹ́lẹ̀: oúnjẹ tó pẹ́ ṣùgbọ́n tó gbóná, ilé ìdáná ló dá a dúró. Èyí tó pẹ́ tó tún tutù, àwọn tó ń gbé e ni kẹ́ ẹ bi.

Ọ̀gá náà yọ owó oúnjẹ yẹn kúrò, ó ní kí wọ́n ro òmíràn. Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, kò, kò, kò. "Oúnjẹ yín dé o, Mà." Mo mọ̀ọ́mọ̀ jókòó jẹ́ẹ́. Kò ṣílẹ̀kùn, ó dúró, ó tún kàn án. Ọmọdébìnrin kan ni. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó bi mí ibi tí n ó ti jẹun, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu títí tó fi tò ó tán sórí tábìlì. Ó ṣí ìdérí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ wọn: ewédú rèé, gbẹ̀gìrì rèé, ẹran rèé. Àmàlà wà nínú ọ̀rá, òógùn bò ó. Omi ọwọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n pè bí mo bá jẹun tán, kí wọ́n wá kó àwo.

Mo pè. Aago méje òwúrọ̀, tiréè ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà mi, èèrà ti to lọ bí èrò ọjà.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Ọmọ mi ní 2 ló yẹ wọ́n. Òun kọ́ ló jẹ gbẹ̀gìrì yẹn.