Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà àti owó-orí: ta ló ń ru ẹrù tó wúwo jù?

Ẹ jẹ́ ká mú èèyàn méjì ní Ọjà Ọba, Ìlọrin. Ìyá aláta ń jèrè ₦3,000 lóòjọ́, oníléèsì ń jèrè ₦50,000. Ọjọ́ 300 ni wọ́n ń tajà lọ́dún, èrè wọn sì jẹ́ ₦900,000 àti ₦15,000,000.

Ká ní àwọn méjèèjì ń já tíkẹ́ẹ̀tì ₦200 lójoojúmọ́. ₦60,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa san lọ́dún. Ó jọ pé wọ́n dọ́gba, àbí? Ṣùgbọ́n ó ju ìdá 6 nínú 100 èrè aláta lọ, kò sì tó ààbọ̀ ìdá kan fún oníléèsì. Owó-orí tó ń tẹ tálákà mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Òfin owó-orí 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2026, gba ọ̀nà mìíràn. ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó-orí. Ìdá 15 ni wọ́n ń gbà lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 18 lórí ₦9,000,000, lẹ́yìn náà ìdá 21. Aláta yóò san ₦15,000 péré, oníléèsì ₦2,580,000, ìyẹn ìdá 17 àti díẹ̀. Ẹ ò rí i pé tíkẹ́ẹ̀tì gba ìlọ́po mẹ́rin owó-orí lọ́wọ́ aláta!

Tó bá jẹ́ ìdá 10 kan náà fún gbogbo ènìyàn ńkọ́? ₦90,000 ni ti aláta, ₦1,500,000 ni ti oníléèsì. Ìwọ̀n dọ́gba lóòótọ́, àmọ́ owó oúnjẹ ni ti aláta.