Ẹran Eléegun Tàbí Ẹran Tí Kò Léegun: Ìṣirò fún Àlejò 50

Orí àwo ni kí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí òṣùwọ̀n alápatà. Ká ní a fẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ 150 gíráàmù ẹran tó ti jinná. Iná máa ń fa omi àti ọ̀rá jáde. Bí a bá sun ẹran, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀ lè lọ. Nítorí náà, ẹran tí kò léegun gbọ́dọ̀ tó 225 gíráàmù ní tútù fún ẹnì kan, ìyẹn kílò 11 àti díẹ̀ fún èèyàn 50.

Ti ẹran eléegun ló gba àròjinlẹ̀, torí eegun kì í pọ̀ bákan náà níbi gbogbo. Bí ó bá kó ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹnì kan yóò gba nǹkan bí 340 gíráàmù, àpapọ̀ á di kílò 17. Ẹran ìhà tiẹ̀ lè jẹ́ eegun dé ìlàjì. Ìyẹn á gbé e dé kílò 22 àbọ̀. Ẹni tó bá ra kílò 11 ẹran ìhà, ìdajì àlejò ló rà á fún. Kí ó dá ọ lójú, yọ eegun inú ẹran kílò kan, kí o wọn ohun tó kù.

Ní ti owó, ẹran eléegun tí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ eegun kò dínwó àyàfi tí owó kílò rẹ̀ kò bá tó ìdá méjì nínú mẹ́ta owó kílò èyí tí kò léegun. Níbi tí àwọn èèyàn bá ti ń dúró jẹun, èyí tí kò léegun ni èmi yóò mú.