Mẹ́ṣì wáì-fáì onínóòdù mẹ́ta: ó dáa fún fóònù, àmọ́ ó ń já PS5 mi láàárín eré

Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti ń lo mẹ́ṣì wáì-fáì onínóòdù mẹ́ta yìí, ìyẹn àpótí wáì-fáì mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ẹyọ kan, nílé wa ní Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo níbí. Mi ò fẹ́ kọ nǹkan kan nípa ẹ̀ títí màá fi mọ ohun tó ń ṣe é gan-an, torí oṣù méjì àkọ́kọ́, ìbínú ni mo fi lò ó, ẹni tó bá sì ń kọ àgbéyẹ̀wò nínú ìbínú á kàn máa bú ọjà ni. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, torí mo ti rí àìsàn kan náà lára mẹ́ṣì ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Ògo-Olúwa.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nilé wa, búlọ́ọ̀kù inṣi mẹ́sàn-án, dẹ́kìn rẹ̀ nípọn dáadáa, ráútà kan ṣoṣo tí àwọn onífáíbà gbé sí pálọ̀ nísàlẹ̀ kò sì lè dé yàrá Màmi lókè. Ìdí tí mo fi ra mẹ́ṣì nìyẹn. Nóòdù àgbà wà ní pálọ̀, èkejì wà lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀kẹta wà ní yàrá Màmi. Tó bá jẹ́ ti fóònù, mi ò lè parọ́, nǹkan yìí dáa gan-an. Màmi á bẹ̀rẹ̀ fídíò kọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kíṣìnì, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bọ̀ títí wọ́n á fi gun òkè dé orí bẹ́ẹ̀dì wọn, kò ní já rárá.

PS5 mi ni ìyọnu. Ó wà ní yàrá tèmi lókè, láàárín àtẹ̀gùn àti yàrá Màmi. Mo lè gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀ fún wákàtí kan kó má sí wàhálà, tó bá wá di ìṣẹ́jú 72 nínú eré tí mo ti ń na ẹni tí mo ń bá gbá 2-1, gbogbo àwọn àgbábọ́ọ̀lù á kàn dúró gbọnin, bọ́ọ̀lù á dúró sókè, lẹ́yìn nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ó ti kọ ọ́ pé nẹ́tíwọọ̀kì ti já, wọ́n á sì kà á sí mi lọ́rùn pé mo sá kúrò nínú eré. Ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé àbúrò mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo fídíò lórí fóònù, fídíò tiẹ̀ ò dúró. Tí mo bá dán spíìdì wò, spíìdì á gbé e dáadáa. Mo pe àwọn onífáíbà ìgbà mẹ́ta, wọ́n ní láìnì mi mọ́, mi ò gbà wọ́n gbọ́, mo sì sọ̀rọ̀ sí ọmọ tó gbé fóònù lọ́jọ́ náà lọ́nà tí kò yẹ. Ẹ̀bi wọn kọ́ rárá.

Bí mo ṣe mọ̀ nìyí. Mo fi kébù so láàpútọ́ọ̀pù mọ́ nóòdù àgbà ní pálọ̀, mo ṣí fèrèsé dúdú Command Prompt ti Windows méjì sílẹ̀ lórí ẹ̀, ọ̀kan ń pe nóòdù àgbà fúnra ẹ̀, èkejì ń pe ìta:

```
ping -t 192.168.1.1
ping -t 8.8.8.8
```

(Nọ́ńbà tòkè yẹn lè yàtọ̀ nílé tiyín, ẹ wò ó nínú áàpù.) Àbúrò mi jókòó tì í, ó ń ṣọ́ ọ, èmi gòkè lọ gbá bọ́ọ̀lù. Eré kejì ló já. Mo kígbe sísàlẹ̀ pé "Ṣé ó fo?", ó ní "Ẹ̀gbọ́n, kò fo o, méjèèjì ṣì ń lọ." Ìyẹn ni pé íńtánẹ́ẹ̀tì ò lọ síbì kankan, ohun tó já wà láàárín PS5 àti nóòdù àgbà. Mo wá ṣí áàpù mẹ́ṣì ọ̀hún, mo tẹ orúkọ PS5. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ eré, mo ti wò ó, nóòdù orí àtẹ̀gùn ló so mọ́, lórí 5 GHz. Lẹ́yìn tó já, ó ti di nóòdù yàrá Màmi, lórí 2.4 GHz. PS5 tó wà lójú kan lórí tábìlì, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, ló ṣí lọ sí yàrá mìíràn! Alẹ́ ọjọ́ yẹn nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣí.

Orúkọ wáì-fáì kan ṣoṣo la máa ń rí lórí fóònù, àmọ́ lẹ́yìn orúkọ yẹn, nóòdù kọ̀ọ̀kan ní rédíò 2.4 àti rédíò 5, báǹdì ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nóòdù mẹ́ta, ẹnu ọ̀nà mẹ́fà nìyẹn. Mẹ́ṣì ló ń pín àwọn èèyàn sẹ́nu ọ̀nà wọ̀nyí. Tó bá ń ti ẹ̀rọ láti báǹdì kan sí èkejì nínú nóòdù kan náà, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní báǹdì stíárìn, lórí áàpù tiwa `Smart Connect` ni wọ́n kọ. Tó bá jẹ́ láti nóòdù kan sí òmíràn, róómìnì nìyẹn. Tó bá rí i pé ẹ̀rọ kan ò gbọ́ nóòdù ẹ̀ dáadáa mọ́, ó máa kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí i pé kó lọ sí ibi báyìí báyìí (802.11v ni òfin tó wà fún ìyẹn), tí ẹ̀rọ yẹn bá kọ etí ikún, àwọn mẹ́ṣì míì á já a dànù, wọn ò sì ní dá a lóhùn níbi tó wà tẹ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó lè di dandan fún un láti lọ.

Fóònù mọ irú nǹkan báyìí ṣe torí wọ́n ṣe é fún ẹni tó ń rìn, ó ti wo ibi tó kàn sílẹ̀ kó tó fi ibi tó wà sílẹ̀. Tiẹ̀ bá tiẹ̀ já fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ẹni tó ń lò ó ò ní mọ̀, torí fídíò ti kó èyí tó máa mu pamọ́ ṣáájú, ohun tó bá sọnù nínú dànlóòdù, wọ́n á tún un fi ránṣẹ́. Eré bọ́ọ̀lù ò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ni PS5 ń sọ fún sáfà ibi tí mo wà àti ohun tí mo tẹ̀, èyí tó bá sọnù ti sọnù nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa dúró dè é. Tí wọ́n bá wá já PS5 dànù, á kọ́kọ́ wá nẹ́tíwọọ̀kì kiri, á tún wọlé, wọ́n á tún pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ páswọ́ọ̀dù, kó tó parí ìyẹn sáfà ti gbà pé mo ti lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ yàrá tèmi? Mo fi áàpù tó ń wọn agbára wáì-fáì wò ó níbi tí PS5 wà. Nóòdù orí àtẹ̀gùn ń gbé -67, ti yàrá Màmi ń gbé -69 (nọ́ńbà yìí, bó bá ṣe sún mọ́ òdo tó ló ṣe dáa tó). Méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Mo ní kí Màmi bá mi ti ilẹ̀kùn wọn, tiwọn bọ́ sí -75. Wọ́n ṣí i, ó padà. Mo wá rántí pé nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́ lọ̀pọ̀ eré mi ti máa ń já, aago yẹn gan-an ni Màmi máa ń ti ilẹ̀kùn wọn láti sùn. Ilẹ̀kùn! Mo dúró sójú kan náà fún bíi ìṣẹ́jú méjì tí mò ń wo ilẹ̀kùn yẹn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo wọ sẹ́tìńsì PS5, `Settings > Network > Settings > Set Up Internet Connection`, mo dúró lórí orúkọ wáì-fáì wa, mo tẹ bọ́tìnnì Options, mo yan 5 GHz nìkan. Ó ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀, kò fo lọ sí 2.4 mọ́, àmọ́ kò dá róómìnì dúró, torí nóòdù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní 5 GHz, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn sì ń jẹ́. Mo wá pa `Fast Roaming` nínú áàpù. Ìyẹn kan gbogbo ilé, kò tó ọjọ́ kan tí Màmi fi pè mí: "Kí lo tún ṣe sí nǹkan yìí? Ẹ̀gbọ́n ẹ ń sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ." Fóònù wọn ti dìrọ̀ mọ́ nóòdù pálọ̀, kò fẹ́ fi í sílẹ̀ bí wọ́n tiẹ̀ ti dókè. Mo yáa tan án padà. Èyí tó ṣiṣẹ́ nínú áàpù ni pé ojú ewé PS5 fúnra ẹ̀ ní ibi tí mo ti lè so ó mọ́ nóòdù kan pàtó, mo so ó mọ́ ti orí àtẹ̀gùn, ọ̀sẹ̀ kan gbáko kò já. Mẹ́ṣì ọ̀rẹ́ mi ò ní irú ẹ̀ o, ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó ra tiyín.

Ó tún wá já lọ́jọ́ kan tí wọ́n mú iná. Ẹ wo bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí kò lè ṣẹlẹ̀ níbi tí iná ò ti ń lọ. PS5, nóòdù àgbà àti ti yàrá Màmi wà lórí ínfátà, nóòdù orí àtẹ̀gùn ò sí níbẹ̀. Wọ́n mú iná, nóòdù yẹn kú, eré já, ìyẹn yé mi. Mo tú PS5 sílẹ̀ kó lè bá ti Màmi lọ, mo bẹ̀rẹ̀ eré míì. Iná dé, gbogbo àdúgbò pariwo, kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ tí nóòdù orí àtẹ̀gùn parí títàn, ni mẹ́ṣì bá tún ti PS5 padà síbẹ̀, eré kejì náà já. Iná tó dé ló já a!

Mo bá pe ọmọ kan tó máa ń fa kébù ní Ìgbóǹnà. Ó kí Màmi, ó wo ilé yíká, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fa wáyà, kò síbi tí wáyà ń ṣí lọ." Mítà méjìlá kébù Cat 6 ló gbà láti nóòdù orí àtẹ̀gùn dé PS5, kọ́pà gidi, mi ò jẹ́ kó lo alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò. PS5 tó wà lórí wáyà ò ní báǹdì, kò sì sí ẹni tó máa ní kó ṣí. Àmọ́ nóòdù orí àtẹ̀gùn ṣì ń fi afẹ́fẹ́ bá ti pálọ̀ sọ̀rọ̀, mo sì rí i nínú eré pé bọ́ọ̀lù máa ń wúwo lẹ́sẹ̀ nígbà míì tí àbúrò mi bá ń dànlóòdù, ìyẹn la fi padà fa wáyà kejì láti pálọ̀ gba inú sílìn dé orí àtẹ̀gùn. Mo tún gbé nóòdù yẹn sórí ínfátà, kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná.

Nítorí náà tó bá jẹ́ fóònù àti tẹlifíṣọ̀n lẹ fẹ́ lò ó fún, ẹ rà á, màá tún un rà. Tẹ́ ẹ bá ní géèmù nílé, ẹ rí i dájú pé nóòdù kọ̀ọ̀kan ní ojú ihò kébù méjì ó kéré tán, ọ̀kan fún wáyà tó ń bọ̀ láti pálọ̀, ọ̀kan fún géèmù, torí mo rí àwọn kan lọ́jà tí nóòdù kékeré wọn ò ní ojú ihò kankan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí wáyà ti wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni eré já, ọjọ́ Sátidé tó kọjá lọ́hùn-ún. Mo sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí láàpútọ́ọ̀pù, mo ṣí fèrèsé méjèèjì: nóòdù àgbà ń dáhùn geere, 8.8.8.8 dákẹ́. Mo pe àwọn onífáíbà, mo kí wọn dáadáa, mo sọ ohun tí mo rí, wọ́n ní àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà ti gé kébù wọn.