Àwọn akáǹtáǹtì tó ṣírò owó búrẹ́dì fún wa

Ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin tí àwọn akáǹtáǹtì náà rán wá sọ sí Bàbá Wàsíù ló bí mi nínú. Bàbá ló ń po fúláwà ní bekírì wa n'Íbàdàn. Ọmọ yìí na bébà sí wọn lójú: "Bàbá, búrẹ́dì márùn-ún ń sọnù lórí báàgì kan. Ta ló ń gbé e?" Bàbá ò bínú. Wọ́n fi ọ̀bẹ ha èyí tó lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ, wọ́n kó o lé orí bébà náà: "Ẹ bá mi ka èyí mọ́ ọn."

Kò sólè níbẹ̀. Báàgì fúláwà kan, pẹ̀lú omi, ṣúgà àti bọ́tà, á di kílò 88 lẹ́yìn tí a bá pò ó. Gíráàmù 800 là ń gé fún búrẹ́dì kan, ìyẹn 110. Ohun tí ọmọ náà kọ sílẹ̀ nìyẹn, bí ẹni pé nǹkan kì í lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, tí búrẹ́dì kì í jó. Lọ́jọ́ tí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa, 105 là ń rí. Ẹrù ₦84,000 tó wọ inú báàgì kan wá di ₦764 lórí búrẹ́dì kan lójú tirẹ̀, ₦800 ni lójú ààrò. ₦764 yẹn la sì fi dá iye tí a ń tà fún àwọn oníbúrẹ́dì!

Wákàtí mẹ́jọ gbáko ló kà fún òṣìṣẹ́, kò yọ àkókò tí a fi ń dáná ààrò. Ó pín ₦900,000 owó ilé àti dísù oṣù kan sórí búrẹ́dì 36,000, ó ní ₦25 ni. 30,000 là ń ṣe lóṣù; ₦30 ni.

Mo pe ọ̀gá wọn. Màdáámú náà wá fúnra wọn ní ìdájí, wọ́n gbé ìwọ̀n dání, wọ́n wọn èyí tó lẹ̀ àti èyí tó jó. Ká má parọ́, wọ́n mọṣẹ́. Mo ní ká fi iye búrẹ́dì orí báàgì kan sí 102, tó jẹ́ ohun tí a rí lọ́dún tó kọjá. Wọ́n kọ̀: "Ọ̀gá, ọ̀sẹ̀ tí ilẹ̀kùn ààrò yín bàjẹ́ wà nínú 102 yẹn. Ṣé ẹ fẹ́ sanwó rẹ̀ títí ni?" Wọ́n fi 105 dá iye owó, òun náà ni wọ́n fi ń wo iṣẹ́ Bàbá. 110 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ká lè mọ ohun tí ẹ̀rọ tuntun lè gbà là.

Nígbà tó wá já sí 101 lọ́jọ́ kan, gbogbo wa dìde. Ìwọ̀n tí a fi ń gé e ti yẹ̀, gíráàmù 830 ló ń gé. Tẹ́lẹ̀, ojoojúmọ́ ni bébà ń sọ pé a kùnà, ta ni ìbá wò ó?

Àmọ́ wọ́n tún gba owó iṣẹ́ kejì lọ́wọ́ mi, ọmọ yẹn ò sì tíì bẹ Bàbá. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Fúláwà ti wọ́n sí i. Mo ti ní kí màdáámú wá tún un ṣírò lóṣù tó ń bọ̀.